Ìwé Àṣẹ Alágbàtà Ṣíà àti Ibi Tí Ṣíà Wà ní Ìpamọ́

Ní Nàìjíríà, ará ìta kì í wọ ọjà ṣíà lọ ra ṣíà fúnra rẹ̀. Alágbàtà ló ń bá a rà, alágbàtà náà ló sì ń bá a tà. Ọwọ́ alágbàtà yìí ni owó ń gbà kọjá, ẹnu rẹ̀ sì ni oníbàárà ti sábà máa ń gbọ́ pé ọjà ti bọ́ sí i. Síbẹ̀, alágbàtà kọ́ ló ń fún ara rẹ̀ láṣẹ, òun kọ́ ló sì ń tọ́jú ṣíà náà. Ọwọ́ àwọn mìíràn ni àkọsílẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀rí wà. SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, ló ní ìwé orúkọ àwọn tó gba àṣẹ. CSCS, ilé ìpamọ́ ṣíà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, ló ní àkọsílẹ̀ iye ṣíà tó wà lórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Rẹ́jísírà tí ilé-iṣẹ́ tó ni ṣíà náà gbà síṣẹ́ ló ní ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín, inú ìwé yẹn ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó pín èrè ọdọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí alágbàtà sọ, tàbí ohun tí áàpù rẹ̀ gbé jáde lójú fóònù, kò tíì di ẹ̀rí títí àkọsílẹ̀ náà yóò fi bá a mu.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìwé àṣẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ìwé kan mú fún òmíràn. Sátífíkéètì CAC ni ẹlẹ́tàn kọ́kọ́ máa ń nà síta. Ìwé yẹn lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwé ìbí ni, kì í ṣe láísẹ́nsì ìwakọ̀. Ìwé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní SCUML, tó wà lábẹ́ EFCC. Ìwé tí ìjọba fi ń mọ àwọn oníṣòwò kan kí wọ́n má bàa fi òwò wọn fọ owó ẹ̀gbin ni. Òun náà kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó aráàlú láti fi dókòwò.

Ọ̀rọ̀ CBEX fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn tó fowó sí orí pẹpẹ ayélujára yìí, tó ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan, rí i pé owó wọn kò ṣeé gbà mọ́. Àwọn kan ní Ìbàdàn fi ìbínú ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà ní Òkè-Àdó, wọ́n sì kó ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí EFCC sọ ohun tó rí, ó hàn pé ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn pẹpẹ náà forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ó sì gba ìwé SCUML pẹ̀lú. Ìwé tí kò ní ni ti SEC, òun gan-an sì ni ìwé tí òfin ní kí ó kọ́kọ́ gbà. Ẹni tó bá béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn nígbà náà ì bá rí ìwé méjì tó dára lójú, kò sì ní rí èyí tó ṣe kókó. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó yẹ ní àkíyèsí: nígbà tí owó ti dí, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ san ọgọ́rùn-ún tàbí igba dọ́là kí wọ́n tó lè ṣí àkáǹtì wọn. Alágbàtà tó ní àṣẹ máa ń yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ lára ọjà tó bá rà tàbí tó bá tà. Kì í ní kí oníbàárà san owó tuntun wọlé kí ó tó lè gba owó ara rẹ̀ jáde.

Ojúlé SEC lórí ayélujára, ìyẹn sec.gov.ng, ni wọ́n ti ń wo orúkọ àwọn tó ní àṣẹ. Ẹni tó ń wá a yóò fúnra rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì náà, kò ní tẹ ìlà tí alágbàtà fi ránṣẹ́ sí i, nítorí ẹni tó lè ṣe ayédèrú ìwé lè ṣe ayédèrú ojúlé. Orúkọ tí yóò wá gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ bó ṣe wà nínú àdéhùn tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí. Orúkọ áàpù kò tó, torí ọ̀pọ̀ áàpù ló ń jẹ́ orúkọ kan lójà tí ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n sì ń jẹ́ òmíràn. Bí kò bá sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan nínú àdéhùn náà, àyẹ̀wò ti parí níbẹ̀: kò sí ẹni tí àṣẹ lè wà lórúkọ rẹ̀.

Rírí orúkọ náà kò tíì tó. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un láṣẹ láti ṣe ni ó kàn. SEC kì í fúnni ní àṣẹ kan ṣoṣo tó gba gbogbo iṣẹ́ ọjà náà. Alágbàtà tó ń ra ṣíà tó sì ń tà á ní tirẹ̀. Ẹni tó ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ tó sì ń bá wọn darí rẹ̀ ní tirẹ̀. Rẹ́jísírà ní tirẹ̀, onímọ̀ràn sì ní tirẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ onímọ̀ràn bá ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú láti ra ṣíà, ó ti kọjá àṣẹ rẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú ìwé. Èyí tó máa ń rúni lójú jù ni ti àwọn áàpù. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe alágbàtà gan-an. Igbákejì alágbàtà ni wọ́n, tó ń gba àṣẹ oníbàárà lórí fóònù tó sì ń gbé e lọ fún alágbàtà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ọjà NGX ní Èkó. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ tí SEC ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2021 nípa àwọn pẹpẹ tó ń ta ṣíà láìgba àṣẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ tiwọn. Kò sí ohun tó burú nínú ìṣètò yìí. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni oníbàárà ní láti yẹ̀ wò níbẹ̀, ti áàpù àti ti alágbàtà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Áàpù tó ń ṣe òótọ́ yóò dárúkọ alágbàtà náà nínú àdéhùn, NGX náà sì ní ìwé orúkọ àwọn alágbàtà rẹ̀ tí ènìyàn lè fi wé e.

Èyí tó léwu jùlọ ni ti àwọn tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn jalè. Wọn kì í dá orúkọ tuntun sílẹ̀. Orúkọ alágbàtà tó ní àṣẹ tòótọ́ ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti àwòrán ọ̀gá rẹ̀, wọ́n á wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp tàbí Telegram. Ẹni tó bá lọ wo ìwé SEC yóò rí orúkọ náà, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ohun tí wọn kò lè yí padà ni nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì tí alágbàtà tòótọ́ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC tàbí NGX. Nítorí náà, nọ́ńbà inú ìwé náà ni kí wọ́n pè, kí wọ́n sì béèrè bóyá ẹni tó kọ̀wé sí wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní tòótọ́. Àkáǹtì tí wọ́n ní kí owó wọ̀ tún jẹ́ àmì mìíràn: orúkọ ilé-iṣẹ́ alágbàtà náà ló gbọ́dọ̀ jáde nígbà tí nọ́ńbà àkáǹtì bá wọ ẹ̀rọ báǹkì. Bí orúkọ ènìyàn kan bá jáde, tàbí ti ilé-iṣẹ́ tí kò sí nínú àdéhùn, kí owó náà má kúrò níbi tó wà, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ní akápò ni tàbí wọ́n ní àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ń ní ìṣòro.

Láyé àtijọ́, ìwé sátífíkéètì ni ṣíà, ènìyàn sì ń kó o sínú àpótí nílé. Ó lè jóná, ó lè sọnù, wọ́n sì lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Lónìí, àkọsílẹ̀ lórí ẹ̀rọ CSCS ni ṣíà jẹ́. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà yóò gba nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ni CHN, tí lẹ́tà C ń ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà yìí jẹ́ ti oníbàárà fúnra rẹ̀, ó sì ń bá a lọ sọ́dọ̀ alágbàtà èyíkéyìí. Èkejì ni nọ́ńbà àkáǹtì CSCS, èyí tó so mọ́ alágbàtà kan pàtó, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń lo alágbàtà méjì yóò ní àkáǹtì méjì lábẹ́ CHN kan. Bí áàpù kan bá sọ pé òun ti ra ṣíà ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà fún ènìyàn, tí kò sì lè fún un ní CHN tó wà lórúkọ rẹ̀, nǹkan méjì ló lè jẹ́: bóyá kò ra nǹkan kan, tàbí kó jẹ́ pé lórúkọ ẹlòmíràn ni ṣíà náà wà. Èkejì lè bá òfin mu bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kò tó ti ṣíà tó wà lórúkọ ẹni.

Ohun tó mú kí orúkọ yìí ṣe pàtàkì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí alágbàtà bá kógbá sílé. Ṣíà tó wà lórúkọ oníbàárà ní CSCS kì í ṣe ohun ìní alágbàtà, nítorí náà àwọn tí alágbàtà jẹ lówó kò lè fi ọwọ́ kàn án. Oníbàárà yóò kàn yan alágbàtà mìíràn, yóò sì ní kí wọ́n gbé ṣíà náà lọ sí àkáǹtì CSCS tó ṣí lọ́dọ̀ ẹni tuntun. Kò ní láti tà á, kò sì ní láti rà á lẹ́ẹ̀kejì. Owó tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà láìtíì ra nǹkan kò ní irú ààbò yìí. Òfin ní kí alágbàtà ya owó oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rú òfin náà, ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ ni wọ́n tó máa ń mọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu láti fi owó ńlá sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà fún oṣù púpọ̀ nítorí pé ṣíà tí ènìyàn ń retí kò tíì wálẹ̀. Owó tó ń dúró ṣeé fi sí àkáǹtì báǹkì tí í ṣe ti ẹni.

Bí ọjà kan ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni àpẹẹrẹ yìí yóò fi hàn. Ká ní olùkọ́ kan ní Òṣogbo fi ₦200,000 ránṣẹ́ sí alágbàtà tó ti yẹ̀ wò, ó sì ní kí wọ́n fi ra ṣíà báǹkì kan, kí iye rẹ̀ má kọjá ₦40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi àṣẹ náà ránṣẹ́ nínú ímeèlì, kí àkọsílẹ̀ lè wà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alágbàtà gbé àṣẹ náà wọ inú ẹ̀rọ NGX, ẹ̀rọ náà sì rí ẹni tó fẹ́ tà ní ₦40. Ṣíà 4,900 ni wọ́n rà, iye rẹ̀ sì jẹ́ ₦196,000. Owó iṣẹ́ alágbàtà kò gbọ́dọ̀ ju náírà kan àti kọ́bọ̀ márùndínlógójì lọ lórí ọgọ́rùn-ún náírà, èyí tó jẹ́ ₦2,646 lórí ọjà yìí. Ohun tó ṣẹ́kù ló kájú àwọn owó kéékèèké tó jẹ́ ti ìjọba àti ti SEC.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àdéhùn ti wà, ṣùgbọ́n ṣíà kò tíì wọ àkáǹtì olùkọ́ náà. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń parí rẹ̀ báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2025. Nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni ọjà yìí yóò parí. Ọjà tí wọ́n bá ṣe ní Ọjọ́bọ̀ yóò di ọjọ́ Ajé, nítorí wọn kì í ka Sátidé àti Sọ́ńdè, wọn kì í sì í ka ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Lọ́jọ́ ìparí náà, CSCS ń ṣe nǹkan méjì pa pọ̀: báǹkì tó ń bá alágbàtà olùrà ṣiṣẹ́ sanwó, ṣíà sì kúrò lórúkọ olùtà bọ́ sórúkọ olùrà. Wọ́n so ọ̀kan mọ́ èkejì tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń fi ṣíà rẹ̀ sílẹ̀ láìrí owó, kò sì sí ẹni tó ń san owó láìrí ṣíà. Àwọn ọjọ́ méjì yẹn kì í ṣe ìfàsẹ́yìn alágbàtà. Bí ó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì tí ṣíà kò tíì hàn, kì í ṣe ìlànà ọjà ló fà á mọ́.

Nǹkan méjì ni olùkọ́ náà yóò fi wé ara wọn. Èkíní ni ìwé ẹ̀rí ọjà tí alágbàtà gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí i, tó ń sọ orúkọ ṣíà náà, ọjọ́ tí wọ́n rà á, iye tó jẹ́, iye owó tí wọ́n rà á àti gbogbo owó tí wọ́n yọ. Èkejì ni àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ tó wá láti CSCS fúnra rẹ̀, ní cscs.ng. Bí ìwé alágbàtà bá sọ pé 4,900, tí CSCS sì sọ pé 4,900 lórúkọ kan náà, ọjà ti parí. Bí áàpù bá fi 4,900 hàn lójú fóònù tí CSCS kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀, CSCS ni kí wọ́n gbà gbọ́.

Àkọsílẹ̀ yìí kan náà ló ń tú àṣírí ìwà kan tí ó ti ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jẹ́ ní ọjà Nàìjíríà, ìyẹn kí alágbàtà ta ṣíà oníbàárà láìsọ fún un. Àwọn arúgbó tó ti ra ṣíà láti ọdún pípẹ́, tí wọn kò sì í wo àkọsílẹ̀, ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, àti àwọn tó wà lókè òkun tí nọ́ńbà fóònù wọn ti yí padà. CSCS lè fi ìròyìn ọjà tó bá ṣẹlẹ̀ lórí àkáǹtì ránṣẹ́ sí fóònù tàbí ímeèlì oníbàárà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni yóò lọ sí. Alágbàtà ló sábà máa ń bá oníbàárà kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣí àkáǹtì. Bí ó bá kọ nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìkìlọ̀ yóò máa lọ. Ó tọ́ kí onípìn-ín yẹ nọ́ńbà yìí wò, kí ó sì yẹ nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tó wà níbẹ̀ wò pẹ̀lú. Èrè ọdọọdún tó dédé dín kù tún jẹ́ àmì. Rẹ́jísírà ń ṣírò èrè lórí iye ṣíà tó wà nínú ìwé. Bí ilé-iṣẹ́ bá kéde ₦2 lórí ṣíà kan, ẹni tó ní 4,900 yóò retí ₦9,800, wọ́n á sì yọ owó orí ìdá mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Bí ohun tó wọ báǹkì bá kéré jìnnà sí ₦8,820, kí ó lọ wo iye ṣíà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ ṣíà Amẹ́ríkà, tí àwọn áàpù ń tà fún àwọn ará Nàìjíríà, yàtọ̀ díẹ̀. CSCS kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Alágbàtà kan ní Amẹ́ríkà ló ń rà á, orúkọ ilé ìpamọ́ àpapọ̀ tibẹ̀ ni ìwé onípìn-ín sì ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ oníbàárà. Láti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ni wọ́n fi ń parí ọjà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá alágbàtà náà ní àṣẹ yóò wá orúkọ rẹ̀ lórí BrokerCheck, tí FINRA ń tọ́jú. Bí alágbàtà náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SIPC, tó sì kógbá sílé tí ṣíà tàbí owó oníbàárà kò pé, SIPC lè san tó $500,000 fún oníbàárà kan, èyí tí owó tó wà nílẹ̀ láìra ṣíà kò lè ju $250,000 lọ nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni bóyá áàpù náà ṣí àkáǹtì lórúkọ oníbàárà fúnra rẹ̀ lọ́hùn-ún, tàbí ó kó gbogbo ènìyàn pọ̀ sínú àkáǹtì kan tó jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èkejì, oníbàárà áàpù ni ènìyàn jẹ́, ó sì ṣòro fún un láti lọ sọ lọ́hùn-ún pé òun ni olówó.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ alágbàtà Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ alágbàtà náà ni ẹ̀sùn ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjà àti àkọsílẹ̀ CSCS. Ìlànà SEC fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti yanjú rẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ẹ̀sùn náà á lọ sí ẹ̀ka NGX tó ń ṣàkóso àwọn alágbàtà, lẹ́yìn náà sí SEC, ẹni tí ọ̀rọ̀ SEC kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ àkànṣe tó wà fún ọ̀rọ̀ ìdókòwò. Àpò owó kan wà pẹ̀lú ní ọjà NGX tí wọ́n fi ń san nǹkan padà fún ẹni tí alágbàtà tó kógbá sílé, tó hùwà àìbìkítà tàbí tó jí owó bá pa lára. Iye tó ń san fún ẹnì kan ní ìwọ̀n, ó sì lè kéré sí ohun tó sọnù. Kì í sanwó fún ẹni tí ṣíà rẹ̀ kàn já wálẹ̀ lójà, kì í sì í sanwó fún ẹni tó kó owó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe alágbàtà ọjà náà.